Ìpínrọ̀ Kẹjọ Nínú Ìwé Bàbá Mùktárù

Ẹ̀rù ni Àǹtí Kẹ́mi fi ń jẹun. Bí ẹ bá bi àwọn ará ọ́fíìsì wa ní Sùúrùlérè, wọ́n á ní iṣẹ́ lọ́yà ló ń ṣe, òótọ́ sì ni, Adékẹ́mi Ọ̀jẹ̀túndé wà lára bébà tí a fi ń kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n èmi Láyí, tí mo ti ń jókòó ti tábìlì rẹ̀ láti ìgbà tí èmi náà ti di lọ́yà, mo mọ̀ pé ẹ̀rù niṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn yòókù ń gba ẹjọ́ rò ní kóòtù. Òun ń bá gbogbo wa bẹ̀rù.

Ní ilé tó háyà sí ní Yábàá, á pa gáàsì, á sọ̀kalẹ̀, á tún gun àtẹ̀gùn padà lọ wò ó bóyá òun pa á. Nígbà mìíràn á ti dé Ojú Ẹlẹ́gbà kó tó pe ará ilé rẹ̀ lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́ bá òun gbọ́ òórùn lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ra búrẹ́dì, á wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀, á tún lọ wo kàlẹ́ńdà. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-Ká-Tún-Un-Wò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ọ̀gá wa pàápàá ń fi pè é. Kì í bínú. Ó kàn máa ń sọ pé ohun tí òun bá wò lẹ́ẹ̀kan, ojú òun nìkan ló wò ó, ọkàn òun kò tíì wò ó.

Ìwé yòówù tó bá parí ní ọ́fíìsì wa, tó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Kò sì ní gbà kí ẹnì kan ṣoṣo kà á. Èmi á mú àwọn ìwé ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, ìwé ilẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, ohun tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ tí a kọ sílẹ̀, màá máa kà wọ́n sókè; òun á máa fi ìka tẹ̀ lé mi nínú ìwé tuntun. Orúkọ la kọ́kọ́ ń kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ nìkan. A ó padà sókè, ọjọ́ àti ọdún nìkan. A ó tún padà, iye nìkan, à ń pè é lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, a sì ń wò ó bóyá èyí tí a fi nọ́ńbà kọ bá èyí tí a fi ọ̀rọ̀ kọ mu. Nọ́ńbà ìpínrọ̀ ló kẹ́yìn: ibikíbi tí ìwé bá ti ní "gẹ́gẹ́ bí ìpínrọ̀ báyìí ṣe wí," dandan ni ká ṣí ìpínrọ̀ yẹn, ká fojú ara wa rí i pé ohun tó wí náà nìyẹn. Tí a bá wá tún nǹkan kan ṣe, bó ti wù kó kéré mọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sú mi. Mo ti tògbé lẹ́nu rẹ̀ rí, ó fi rúlà gbá mi lọ́wọ́.

Bàbá Mùktárù wá bá wa láti Mushin. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, àgbà ọ̀jẹ̀, kò sì sí ilé tí a óò wọ̀ ní àdúgbò rẹ̀ tí a kò ní bá bẹ́ẹ̀dì tó kàn níbẹ̀. Ó gbọ́ kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ìwé. Ó ní ẹjọ́ ilé bàbá òun ti gbó mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́ ní kóòtù, iṣẹ́ abẹ sì wà níwájú òun, òun fẹ́ fi ilé òun ta àwọn ọmọ òun lọ́rẹ nígbà tí òun ṣì wà láàyè, kí òun fojú rí i. Muadh ni àkọ́bí, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ìyá àwọn ọmọ náà ti kú. Ìyàwó kejì ló kù.

Ìyá Làbákẹ́ ni wọ́n ń pe ìyàwó kejì yìí, àlejò tó bá sì gbọ́ ọ á rò pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Làbákẹ́. Kò bímọ. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é nígbà tí kò sí orúkọ ọmọ tí wọn ìbá fi pè é. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí fún opó tí kò bímọ nílé ọkọ. Ẹnikẹ́ni kò ní lé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kàn máa bi í tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ìgbà wo ló fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀, títí ọjọ́ kan tí yóò di ẹrù rẹ̀. Bàbá Mùktárù mọ̀, ìdí gan-an tó fi wá sọ́dọ̀ lọ́yà nìyẹn. Ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrá méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ti Làbákẹ́ ni títí tí Làbákẹ́ fúnra rẹ̀ yóò fi kú, ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ ṣí i nípò.

A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ kẹsàn-án ni ti Ìyá Làbákẹ́. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìkẹjọ, jẹ́ ti Dennis, ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kó máa lo ṣọ́ọ̀bù náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí òun yóò fi kú, lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ ṣe bó ti wù wọ́n. Nítorí náà, lápá ìsàlẹ̀ ìwé, a kọ ọ́ pé: ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìpínrọ̀ kẹjọ dópin lọ́jọ́ tí Bàbá bá kú. Àǹtí Kẹ́mi àti èmi kà á bí a ṣe ń kà. A rí i pé "Muktar" ló wà nínú ìwé ilẹ̀, "Mukhtar" nínú káàdì ìdánimọ̀, a wá kọ ọ́ pé ẹnì kan náà ni. A rí ọdún kan tó yàtọ̀, a tún un ṣe, a sì tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé náà dára. Mo lè búra fún un lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì a gbé e lọ sí Mushin, Àǹtí Kẹ́mi túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ dé orí ọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ìpínrọ̀ kẹrin, tó sọ pé kí Muadh gba mọ́tò, Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ta mọ́tò yẹn, kí a yọ ọ́ kúrò. Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ kí a yí padà. Màmá Margaret, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọba fi jẹ J.P., ẹni tó láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ló yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà níwájú rẹ̀ nítorí pé àtàǹpàkò ni, ṣùgbọ́n ó lọ sí ìsìnkú kan lọ́jọ́ náà. A fi í sí ọjọ́ kejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Kẹ́mi yọ ìpínrọ̀ kẹrin kúrò lórí kọ̀ńpútà. Ó ń wá rúlà rẹ̀ láti pè mí wá kà á nígbà tí fóònù dún. Muadh ni. Àìsàn Bàbá ti yíwọ́ lóru, dókítà ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ kíákíá, iṣẹ́ abẹ tó wà fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti di ti òní. Ó ní mọ́tò tí wọ́n háyà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá ló ní òun kò ní wọ̀ ọ́ àfi tí òun bá tẹ ìwé òun.

A tẹ ìwé náà jáde, a sáré wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àǹtí Kẹ́mi gbá fáìlì mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ. Bí a ṣe wọ Mushin, ó ní, "Láyí, ṣé a kà á?" Mo ní a kò kà á, mọ́tò nìkan la ṣáà yọ. Ó wo ojú mi, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lè ṣe é. Ẹ̀rù máa ń ràn.

Nígbà tí a dé, Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Màmá Margaret ti jókòó, ó ti ṣí tàdáwà sórí àpótí. Ìyá Làbákẹ́ dúró pẹ̀lú báàgì ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ó ti ká aṣọ Bàbá sínú rẹ̀. Níta, dírẹ́bà ń tẹ fèrè. Àwọn ọmọ kún ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Kẹ́mi kí wọn, ó gbé ìwé kalẹ̀, Bàbá sì ti àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà.

Àǹtí Kẹ́mi bá fi ọwọ́ bo ojú ìwé náà.

Ó ní òun máa tún kà á fún Bàbá. Ẹnu ya gbogbo ilé. Muadh kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò fẹ́ kí ẹ rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń kú lọ lójú rẹ̀. "Lọ́yà, ẹ ti ka ìwé yìí fún wọn lánàá," ló wí. "Mọ́tò nìkan lẹ yọ. Tí nǹkan bá ṣe Bàbá nínú ilé yìí, ọrùn yín ló wà." Màmá Margaret náà wo aago. Ohun tó dùn mí jù ni pé Ìyá Làbákẹ́ sún mọ́ Àǹtí Kẹ́mi, ó fọwọ́ bà á léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yá."

Ẹ̀rù Muadh ń ba Àǹtí Kẹ́mi, ẹ̀rù pé kí Bàbá má kú sí òun lọ́wọ́ ń bà á, ẹ̀rù ìwé tún wá ń bà á ju méjèèjì lọ. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí mo yọ nǹkan nínú rẹ̀ tí mi ò tún kà, mi ò lè ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Bàbá gbé àtàǹpàkò tó ti dúdú sókè, ó ń wò ó. Ó ní, "Igi tí mo bá ti gé kúrú, kò sí bí mo ṣe lè fà á gùn. Ẹ máa jáde, kó kà á fún mi."

Wọ́n jáde. Ìyá Làbákẹ́ gbé báàgì dání jáde tẹ̀lé wọn. Àwa mẹ́rin la kù: Bàbá, Màmá Margaret, Àǹtí Kẹ́mi àti èmi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń gbọ́ ìrìn Muadh lóde, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àǹtí Kẹ́mi ń kà, ó ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ilé, àwọn ọmọ. Ìpínrọ̀ keje, ṣọ́ọ̀bù Dennis. Ìpínrọ̀ kẹjọ, yàrá méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ti Làbákẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bàbá mi orí. Ó kà á lọ sísàlẹ̀. Ó dé ibi tí a ti kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìpínrọ̀ kẹjọ dópin lọ́jọ́ tí Bàbá bá kú, ó sì dákẹ́.

Èmi náà rí i. Kọ̀ńpútà ló máa ń fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ fúnra rẹ̀: nígbà tí Àǹtí Kẹ́mi yọ ìkẹrin, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Dennis kúrò ní ìkẹjọ, ó di ìkeje. Ìyá Làbákẹ́ kúrò ní ìkẹsàn-án, ó bọ́ sí ààyè Dennis. Ṣùgbọ́n "ìpínrọ̀ kẹjọ" tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ ni a fi tẹ̀ ẹ́, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti sún. Ó dúró síbi tó wà, ó ń nawọ́ sí ìyá arúgbó.

Bàbá bi í pé kí ló dé tó dákẹ́.

Mo rò pé á sọ pé nọ́ńbà kan ló ṣì. Èmi ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní láyà àtipurọ́, kí ẹ̀rù irọ́ náà má baà tún wá kún tirẹ̀. "Bàbá, bó ṣe wà yìí," ló wí, "ó ní ọjọ́ tí ẹ bá kú ni ẹ̀tọ́ Ìyá Làbákẹ́ parí. Èmi ni mo ṣì í ṣe láàárọ̀ yìí."

Bàbá Mùktárù ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi jáde lójú rẹ̀, àgbàlagbà tí a kò rò pé ó lè sunkún níwájú wa. Ó ní, "Èmi tí mo wá ibi tí yóò sùn fún un, ìka mi yìí ni mo fẹ́ fi lé e jáde."

Muadh kan ilẹ̀kùn. Àǹtí Kẹ́mi fi bírò fa igi lé "kẹjọ," ó kọ "keje" sí òkè rẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà níbẹ̀, Bàbá tẹ ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá Margaret fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìka náà. Mo rò pé ó tán. Màmá Margaret náà ti ń wá ojú ewé tó kẹ́yìn. Àǹtí Kẹ́mi ní rárá, tí ọ̀kan bá ti sún, gbogbo èyí tó ń tọ́ka sí ohun tó wà lẹ́yìn ìkẹrin ló ti ṣì, ká wá wọn. Ó ní kí n máa pè wọ́n. Mo ń pè é, Muadh ń kan ilẹ̀kùn. A bá òmíràn lẹ́yìn ìwé pátápátá, níbi tí a ti ṣàlàyé bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rí: ó ṣì ń pe àwọn yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga ní "yàrá inú ìpínrọ̀ kẹsàn-án," bẹ́ẹ̀ ìkẹsàn-án ti di ọ̀rọ̀ àgbàlá. A tún un ṣe. A dé ìparí, a kò tún rí òmíràn. Nígbà náà ló tó ní kí Bàbá tẹ̀ ẹ́.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ó wá na ọwọ́ sí wa, ó ní, "Ẹ má sọ fún un. Tó bá gbọ́ ọ, kò ní sùn mọ́."

Wọ́n gbé e lọ. Bí mọ́tò ṣe lọ tán ni Àǹtí Kẹ́mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé náà, ó bì. Mo bá a di ìwé mú.

Bàbá jáde nínú iṣẹ́ abẹ náà, ó padà sílé, ó tilẹ̀ tún jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Dennis. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọlọ́run pè é. Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, Muadh kó àwọn àbúrò rẹ̀ àti Ìyá Làbákẹ́ jọ, ó ka ìwé náà sókè. Ó ka ìpínrọ̀ keje, ó ka ti ìsàlẹ̀, ó fi nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò tún ṣe níbẹ̀ han gbogbo wọn, ó sì ní kí Dennis máa wá ibòmíràn, nítorí òun fẹ́ kó ọjà òun sí ṣọ́ọ̀bù. Kò bá Dennis jà, kò sì fi àkókò ṣòfò. Ìwé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí Dennis ń kó ẹrù ni Ìyá Làbákẹ́ wá sí ọ́fíìsì wa. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun jókòó lẹ́nu ọ̀nà òun, òun ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn irin rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkàn òun kàn lọ sí ọjọ́ tí Bàbá ní kí gbogbo àwọn jáde. Ó wá bi Àǹtí Kẹ́mi pé ìpínrọ̀ wo ló lé Dennis.

Àǹtí Kẹ́mi ní ìkeje ni.

"Kí ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe?"

Mo wo Àǹtí Kẹ́mi, mo fẹ́ kó rántí ohun tí Bàbá sọ. Ó rántí. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti kúrò ní ọmọdé, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀.

"Ìkẹjọ ló wà níbẹ̀, Mà."

"Ta ni ìkẹjọ?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìyá Làbákẹ́ kò sunkún. Ó di etí tábìlì mú. Mo rí i tí ẹ̀rù ń gun òkè lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù tí àwa ti fi sílẹ̀ ní yàrá Bàbá láti ìgbà yẹn, ó wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. "Èmi ni mo ní kó jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ mi wà léjìká rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́."

Àǹtí Kẹ́mi gbé fáìlì jáde, ó fà á lápá kí ó jókòó ti òun. Ó kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìka arúgbó náà ń tẹ̀ lé ìka rẹ̀ lórí ìlà tí kò lè kà. Ó fi àmì àtàǹpàkò Bàbá hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí a tún ṣe, dúdú, ó ṣì mọ́ kedere. Ìyá Làbákẹ́ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, Àǹtí Kẹ́mi fẹ́ pa fáìlì náà dé, ìyá náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ ká tún un wò," ló wí.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo fa àga tèmi mọ́ wọn, Àǹtí Kẹ́mi sì ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.